Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn: bí oṣù kan ṣe lè ru igbá oṣù kejì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ọmọ tó yẹ kó gbé igbá náà ń wojú àgbà, ó ń retí èyí tí yóò kù fún un. Nígbà tí àgbà lá igbá náà mọ́, ọmọ bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé àgbà ò yó o. Ó yó, àmọ́ kò sẹ́ni tí yóò bá a gbé ẹrù.

Bí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ná owó oṣù tán kí òmíràn tó wọlé ṣe rí nìyẹn. Oṣù tó ń bọ̀ ni ọmọ tó yẹ kó bá a ru igbá, bẹ́ẹ̀ oṣù yìí ò ṣẹ́ nǹkan kan kù fún un. Mo sì fẹ́ kó yé wa pé ọ̀pọ̀ ìgbà, owó náà tó. Ọjọ́ tó ń wọlé ni kò bá ọjọ́ ìnáwó mu. Owó ilé fẹ́ jáde lọ́jọ́ kìíní, owó iná lọ́jọ́ kẹwàá, owó iléèwé nígbà tó bá wù ú, nígbà tó jẹ́ pé ọjọ́ 28 ni owó tó máa san gbogbo wọn ń dé. Àlàfo ọjọ́ wọ̀nyẹn la fi ń yá owó, àlàfo yẹn náà ló sì yẹ ká dí.

Ohun tó ń dí i ni ìnáwó oṣù kan gbáko tó wà nílẹ̀ kí oṣù tó bẹ̀rẹ̀. Tí ó bá ti pé, owó tó wọlé lóṣù yìí kò ní ṣe nǹkan kan lóṣù yìí. Oṣù tó ń bọ̀ ni a ó ná an. Owó oṣù tó kọjá ni a ń jẹ báyìí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká sọ pé arábìnrin kan ń gba owó oṣù, ká sì pín owó náà sí ọ̀nà 100. Ó ní ìnáwó òun lóṣù jẹ́ 85. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, 15 yẹ kó máa kù lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ohun tó ń kù. Ibo ló gbà? Ó gbàgbé àwọn ìnáwó tí kì í wá lóṣooṣù: owó iléèwé, àtúnṣe ọkọ̀, oògùn, aṣọ. Nígbà tó ro wọ́n pọ̀ fún ọdún kan, wọ́n jẹ́ 96. Tí a bá pín in sí oṣù 12, 8 nìyẹn lóṣù kọ̀ọ̀kan. Ìnáwó rẹ̀ gan-an wá di 93. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà: wọ́n á tọ́jú 85, wọ́n á rò pé ó ti pé, ìnáwó ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún kan á sì dé, á gbé e lọ.

Gbèsè kan tún wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Lóṣooṣù ni ó ń yá 20 lórí owó oṣù tí kò tíì dé, èlé rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá. Tí owó bá wọlé, 22 á kọ́kọ́ jáde, 78 á kù, yóò sì tún sáré lọ yá 20 míràn. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa: ìnáwó jẹ́ 93, 78 wà lọ́wọ́, 15 péré ló kù díẹ̀ káàtó. Kí ló dé tó fi ń yá 20? Ó ti mọ́ ọn lára ni. Iye tó kù díẹ̀ káàtó nìkan ni kó yá. Lóṣù àkọ́kọ́, ó yá 15. Lóṣù kejì, lẹ́yìn tó san án tèlé-tèlé, 9 àti ààbọ̀ ló ṣẹ́ kù láti wá. Lóṣù kẹta, bíi 3 àti ààbọ̀. Lóṣù kẹrin, kò yá nǹkan kan, bíi 3 tún ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́. Kò gba owó kún owó, kò sì febi pa ara rẹ̀.

Láti oṣù karùn-ún, 7 ń kù lóṣooṣù. Díẹ̀díẹ̀ leku ń jawọ. Kí 7 tó di 93, yóò gba ju ọdún kan lọ, mi ò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n kò dìgbà tó bá pé kí ara tó tù ú. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, ìnáwó ọ̀sẹ̀ kan ti wà nílẹ̀, ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù ló sì máa ń ti èèyàn lọ sọ́dọ̀ olówó èlé. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo ka sí pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ń gba owó ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì tún ní àǹfààní kan: ìgbà 26 ló ń gbowó lọ́dún, nítorí náà, oṣù méjì wà tí owó á wọlé lẹ́ẹ̀mẹta. Tó bá ń fi owó ẹ̀ẹ̀mejì gbọ́ bùkátà oṣù, owó kẹta yẹn lè lọ tààrà sínú igbá owó ìpamọ́ náà.

Àkáǹtì méjì ló dáa kó lò. Ọ̀kan ni owó oṣù ń wọ̀, kò sì ní fọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ kìíní oṣù, yóò gbé 93 bọ́ sí èkejì, ibẹ̀ ló ti ń náwó. Bó bá fẹ́ mọ ibi tó dé, kó wo ohun tó kù lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ owó oṣù, kó sì fi wé ti oṣù tó kọjá. Tó bá ń dínkù ní oṣù méjì tó tẹ̀léra, ihò kan wà nínú ìnáwó náà, ó sì yẹ kó wá a kó tó tún fi owó kún un.

Owó yìí kì í ṣe owó àìsàn tàbí ti iṣẹ́ tó bọ́. Tó bá ṣẹlẹ̀ pé ó mú nínú rẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí owó tó wọlé lẹ́yìn náà yóò ṣe ni kó dá a padà. Ẹni tí ìnáwó rẹ̀ ju owó tó ń wọlé lọ, igbá yìí ò lè kún fún un. Ìnáwó yẹn tàbí owó tó ń wọlé ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí. Ọgbọ́n ọdúnnìí sì ni wèrè ẹ̀míì: tí nǹkan bá gbówó lórí, 93 èṣí lè di 105, kó tún un ṣírò lọ́dọọdún ó kéré tán.

Lọ́jọ́ tí igbá bá kún, ọ̀gá iṣẹ́ lè fi owó oṣù falẹ̀ di ọjọ́ kẹsàn-án. Owó ilé ti jáde lọ́jọ́ kìíní. Arábìnrin náà lè má tilẹ̀ mọ̀ pé owó kò tíì dé, àfi tí ará ibi iṣẹ́ kan bá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.