Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ wá wáṣẹ́ ìjọba lókè òkun, ẹ gbọ́ ti máàkì yìí kẹ́ ẹ tó jókòó níwájú páńẹ́ẹ̀lì

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò wá tan yín lónìí o. Ọ̀pọ̀ nínú yín tó ń múra àtijáde ló ń sọ pé táwọn bá ti dé, iṣẹ́ ìjọba làwọn máa wá, torí pé ó ń fọkàn ẹni balẹ̀, owó oṣù kì í yẹ̀, wọn ò sì kàn lè jí lọ́jọ́ kan kí wọ́n ní kó o máa lọ sílé. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ intafíù tí wọ́n fi ń múùyàn síṣẹ́ yìí ti gbé àwọn tó mọṣẹ́ jù mí lọ ṣubú, àwọn tó ti ṣe ọ̀gá fọ́dún gbọọrọ kí wọ́n tó wá. Mo ti jókòó níwájú páńẹ́ẹ̀lì rí, èmi náà sì ti wà lára àwọn tó ń fúnni ní máàkì báyìí, ohun tí mò ń sọ yìí kì í ṣe àgbọ́sọ.

Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ yé yín ni pé àwọn èèyàn méjì mẹ́ta tó jókòó síwájú yín yẹn, bébà ni wọ́n ń wò, wọn ò wo irú èèyàn tẹ́ ẹ jẹ́. Kí wọ́n tó pe ẹnikẹ́ni wọlé ni wọ́n ti kọ ìbéèrè sílẹ̀, wọ́n ti kọ ohun tí wọ́n máa tẹ́tí sí nínú ìdáhùn sábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ti fẹnu kò sórí máàkì téèyàn gbọ́dọ̀ ní kó tó yege. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi gbogbo èèyàn. Bó o ṣe ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í wojú ẹ, tí wọn kì í rẹ́rìn-ín, tó o bá ń sọ ọ̀rọ̀ ńlá wọn ò ní mi orí, ẹ má jẹ́ kíyẹn dẹ́rù bà yín rárá, ọwọ́ wọn ló dí. Tó o bá jáde tán, kálukú wọn á kọ́kọ́ fún ẹ ní máàkì tiẹ̀ láì tíì bẹ́nì kejì sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá fi wéra kí wọ́n tó jọ mú ẹyọ kan, wọ́n á sì kọ ìdí ẹ̀ sílẹ̀. Ohun tó ò bá fẹnu ẹ sọ, wọn ò lè bá ẹ kọ ọ́. Ẹni tó ń gbọ́ ẹ lè mọ̀ nínú ọkàn ẹ̀ pé o mọṣẹ́ yìí dáadáa, kò níbi tó máa fi ìyẹn sí lórí bébà.

Ẹ jẹ́ kí n mú ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì torí pé wọ́n gbé tiwọn síta fún ẹnikẹ́ni láti kà, ẹ kàn tẹ Success Profiles, ìyẹn orúkọ ìlànà tí wọ́n fi ń múùyàn síṣẹ́, sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìwà ẹnu iṣẹ́ mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀: bí èèyàn ṣe ń ṣèpinnu, bó ṣe ń bá ẹlòmíì ṣiṣẹ́, bó ṣe ń ṣe iṣẹ́ tó dáa fáwọn tó wá bá a fún ìrànwọ́, àtàwọn yòókù. Wọ́n á mú díẹ̀ nínú ẹ̀ fún iṣẹ́ kan, wọ́n á sì kọ ọ́ sínú ìpolówó iṣẹ́ náà gbangba. Máàkì ẹ̀ wá láti 1 dé 7. 1 ni pé wọn ò gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu ẹ tó jẹ mọ́ ohun tí wọ́n bi ẹ́, 4 ni pé ó ṣe é gbà, 7 ni pé o ta yọ. Àwọn ibòmíì ń ka tiwọn lọ́nà míì, ọgbọ́n kan náà ni.

Ibi tó ti ń dunni jù rèé o. Ká sọ pé ìbéèrè mẹ́rin ni, wọ́n sì ti ní 4 ni kéèyàn ní lórí ìkọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan wọlé, ó gba 7, ó gba 6, ó tún gba 6, ó wá gba 3 lórí èyí tó kù, àròpọ̀ ẹ̀ jẹ́ 22. Ẹlòmíì wọlé, kò ta yọ níbì kankan, 4 ló ń gbà lọ́tùn-ún lósì, àròpọ̀ tiẹ̀ jẹ́ 16. Ẹni tó ní 16 yẹn ló yege. Ẹni tó ní 22 ti já, 7 tó gbà yẹn ò sì lè bá a gbé 3 dìde. Torí náà ẹni tó bá ń fi gbogbo òru múra ibi tó ti mọ̀ ọ́n sọ, tó fi ibi tó kù díẹ̀ káàtó sílẹ̀, ó ń fàkókò ṣòfò ni.

Ẹ jẹ́ ká wá mú ìdáhùn kan ká tú u wò. Ìbéèrè náà ni: sọ ìgbà kan tó o mú kí iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń ṣe fáwọn aráàlú dáa sí i. Irú ohun tí mo sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu àwa tá a wá láti òkèèrè rèé: "Níbi iṣẹ́ wa, fọ́ọ̀mù owó ìfẹ̀yìntì máa ń pẹ́ gan-an, àwọn èèyàn ń bínú. A wá ṣèpàdé, a fọwọ́ sowọ́ pọ̀, a ṣiṣẹ́ takuntakun, nígbà tó yá nǹkan dáa, ọ̀gá wa sì yìn wá." Gbogbo ẹ̀ lè jẹ́ òótọ́ o. Àmọ́ èmi tí mo mú bírò dání, kí ni kí n kọ? Ta ló pe ìpàdé? Kí ló ń fa ìdádúró yẹn gan-an? Kí ni ẹni tó jókòó síwájú mi yìí dá ṣe? Báwo la ṣe mọ̀ pé nǹkan dáa? Ìdáhùn yìí ò lè kọjá 2, tí orí bá bá a ṣe é, 3. Bẹ́ẹ̀, ẹni yìí lè jẹ́ òun gan-an ló ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn, ó kàn ń tijú àtisọ ọ́ kí wọ́n má bàa ní ó ń gbéra ga ni.

Ká ní ó wá sọ ọ́ báyìí ńkọ́. Ó ní iṣẹ́ òun ni láti máa yẹ fọ́ọ̀mù wò, òun sì rí i pé èyí tí wọ́n ń dá padà ti pọ̀ jù. Ó kó èyí tí wọ́n dá padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì jọ, ó jẹ́ 120, ó tò wọ́n ní ìdí-ìdí, ó wá rí i pé 70 nínú ẹ̀, ojú ìwé kẹta ni wọn ò buwọ́ lù. Ó rò ó pé òun lè ní kí wọ́n tún fọ́ọ̀mù náà tẹ̀, àmọ́ ìyẹn máa pẹ́ gan-an, ló bá yàn pé kí ẹni tó wà ní kántà máa ṣí ojú ìwé yẹn wò kó tó gbà á lọ́wọ́ èèyàn. Ẹni tó wà ní kántà kọ̀, ó ní iṣẹ́ ti pọ̀ lọ́wọ́ òun. Kò lọ fẹjọ́ ẹ̀ sun ọ̀gá, ńṣe ló lọ jókòó tì í ní kántà, tó rí i pé títo ìlà ló ń gba àkókò ẹ̀ jù, ó wá bá a ṣètò nọ́ńbà fáwọn tó ń dúró, wọ́n sì kọ́kọ́ dán an wò ní kántà kan ṣoṣo kí wọ́n tó mú un dé àwọn yòókù. Lọ́sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e, 45 ni wọ́n dá padà. Ó ní ká ní òun tún máa ṣe é, òun á ti kọ́kọ́ bá ẹni tó wà ní kántà sọ̀rọ̀ kóun tó mú ìpinnu.

Ṣẹ́ ẹ rí i? Iṣẹ́ kan náà ni o, kò gùn ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ jáde, àmọ́ bírò mi ò ní sinmi. Mo rí ìdí tó fi ṣe é, mo rí ohun méjì tó fi wéra kó tó yan ọ̀kan, mo rí bó ṣe ṣe ẹni tó takò ó, mo sì rí iye tí mo lè fi wéra. 5 ti wà níbẹ̀, 6 náà ò jìnnà. Tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa, gbólóhùn kan tàbí méjì ló fi ṣàlàyé bí nǹkan ṣe rí tẹ́lẹ̀, ohun tó ṣe ló gba àkókò tó pọ̀ jù. Òdìkejì ẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe, wọ́n á fi ìlàjì àkókò sọ ìtàn ibi iṣẹ́ náà, ta ni ọ̀gá àgbà, ẹ̀ka mélòó ló wà, kò sì sí máàkì lórí ìyẹn.

Tí wọ́n bá já lù ẹ́ pé "kí ni ìwọ fúnra ẹ ṣe níbẹ̀?", má bínú, wọ́n ń ràn ẹ́ lọ́wọ́ ni. Ó túmọ̀ sí pé o ti ń sọ̀rọ̀ gbogbo yín látàárọ̀, wọn ò rí nǹkan kọ. Dáhùn tààrà, má tún bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà látòkè. Tí wọ́n bá ní "báwo lo ṣe mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́?", àbájáde lo fò. Kì í ṣe gbogbo páńẹ́ẹ̀lì ló máa ń bi irú ẹ̀ o, òmíì á kàn dákẹ́, wọ́n á sì bọ́ sí ìbéèrè tó kàn.

Ọ̀rọ̀ ìpele tún wà, èyí ló ń ká àwọn tó ti ṣe ọ̀gá rí mọ́. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ ìwà kan fún akọ̀wé yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n kọ fún mánéjà. Tó o bá wá iṣẹ́ mánéjà tó o wá ń sọ bó o ṣe to fáìlì, o lè ṣe é dáadáa kó o má yege. Tó bá sì jẹ́ iṣẹ́ akọ̀wé lo wá torí pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tó o wá ń sọ bó o ṣe darí igba èèyàn, tó ò sọ ohun kan tó o fọwọ́ ara ẹ ṣe, kò sí nǹkan tí wọ́n máa kọ. Tẹ bébà tí wọ́n kọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ ní ìpele yẹn sí jáde, mú ìtàn ẹ, kó o máa fi bírò fa ìlà sábẹ́ ibi tí ìtàn náà ti fojú hàn nínú ẹ̀. Tí ibì kan bá wà tó ò rí ìlà fà sábẹ́ ẹ̀, wá ìtàn míì.

Ẹ tún ṣọ́ra fáwọn tó ń ta ìdáhùn tí wọ́n ti kọ kalẹ̀. A ń gbọ́ ìtàn kan náà lẹ́nu èèyàn mẹ́ta lọ́jọ́ kan, tá a bá ti bi wọ́n ní ìbéèrè kékeré kan nínú ẹ̀ báyìí, ẹnu wọn á wọ́hò. Ìtàn tìẹ tó o mọ̀ tinú-tòde dáa jù ú lọ, kódà tó bá kéré. Má há a sórí o, kọ kókó márùn-ún mẹ́fà sílẹ̀, sọ ọ́ síta, fi fóònù gbà á sílẹ̀, kó o wá gbọ́ ọ bí ẹni tó ń kọ nǹkan sílẹ̀. Kó o sì bi wọ́n ṣáájú bóyá o lè mú bébà kókó wọlé, àwọn kan máa ń gbà.

Èyí tó kù ni pé yíyege kì í ṣe rírí iṣẹ́. Ẹni tí máàkì ẹ̀ ga jù ni wọ́n máa kọ́kọ́ fún, àwọn tó kù tó yege lè wà lórí lísìtì ìdúródè fúngbà díẹ̀, ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń jẹ́ ọdún kan, kí wọ́n sì pè ẹ́ tàbí kí wọ́n má pè ẹ́. Kódà tí wọ́n bá mú ẹ, wọ́n ṣì máa wò ó bóyá o ti dá ọ̀ràn rí, wọ́n á sì yẹ ìwé àṣẹ láti ṣiṣẹ́ wò, ìyẹn lè gba oṣù púpọ̀. Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ ẹ, má fi í sílẹ̀ torí ímeèlì tó ní o yege, dúró de lẹ́tà tó ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ nínú.