Owó Kòkó Kò Gbọdọ̀ Padà Sínú Kòkó Nìkan

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan wọ́n kọjá 12,000 dọ́là ní ọjà àgbáyé. Kí ọdún 2025 tó parí, kò tó 6,000 mọ́. Ẹni tó fi gbogbo owó ìpamọ́ rẹ̀ ra kòkó sínú ilé ní ìgbà tó wọ́n ti pàdánù kó tó tà á.

Èyí tó ń dùn wá jù ni ti ẹni tó rò pé òun ti pín owó òun. Ẹ wo àgbẹ̀ kan ní Ìdànrè tó ní ₦3 mílíọ̀nù. Ó fi mílíọ̀nù kan ra kòkó pamọ́, ó yá alágbàtà kòkó ní mílíọ̀nù kan, ó sì fi èyí tó kù ṣí ṣọ́ọ̀bù oògùn tí wọ́n ń fín sí oko kòkó. Lójú rẹ̀, òwò mẹ́ta ni. Ṣùgbọ́n bí iye owó kòkó bá já wálẹ̀, èyí tó wà nílé á rọ̀, alágbàtà kò ní rí owó dá padà, àwọn àgbẹ̀ kò sì ní ra oògùn. Oko tirẹ̀ náà ṣì wà níbẹ̀, tí òjò àpọ̀jù lè sọ èso rẹ̀ di dúdú kó sì jẹrà lórí igi. Ohun kan ṣoṣo ló dojú gbogbo rẹ̀ dé.

Ìbéèrè tó yẹ kéèyàn bi ara rẹ̀ ni: kí ló lè ba èyí jẹ́, ṣé òun náà ló lè ba ìyẹn jẹ́?

Ká ní ₦900,000 péré ló wà nínú òwò kòkó, ₦600,000 wà ní báńkì fún owó ilé ìwé àti àìsàn, ₦600,000 wà nínú gaàrí tí ará Àkúrẹ́ ń jẹ lójoojúmọ́, ₦900,000 sì wà nínú bọ́ǹdù ìfowópamọ́ ìjọba àpapọ̀, ìyẹn owó téèyàn yá ìjọba tó ń mú èlé wá. Láti ₦5,000 lèèyàn ti lè ra bọ́ǹdù yìí; ọdún méjì tàbí mẹ́ta ló ń lò, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni èlé rẹ̀ sì ń wọlé. Bí kòkó bá fi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún wálẹ̀, ₦360,000 ló lọ. Ẹni tó kó ₦3 mílíọ̀nù sínú kòkó pàdánù ₦1.2 mílíọ̀nù, ₦1.8 mílíọ̀nù tó kù fún un sì gbọ́dọ̀ jèrè ìdá 67 nínú ọgọ́rùn-ún kó tó padà síbi tó wà.

Òótọ́ ni pé ẹni tó pín owó kò ní jẹ èrè tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún tí kòkó bá wọ́n. Èlé bọ́ǹdù náà kì í yí padà, kódà bí ọjà bá gbówó lórí. A ṣì rò pé ó sàn bẹ́ẹ̀.

Níbi tí owó ti jẹ́ ti ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìyẹn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kò yẹ ká fi í sílẹ̀ fún ìfẹ́ inú alága. A fẹ́ kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìpínlẹ̀ Oǹdó kọ ọ́ sínú òfin rẹ̀ pé owó tí òun yóò yá sínú òwò kòkó kò ní ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ, tí a ó ka ṣọ́ọ̀bù oògùn àti alágbàtà mọ́ ọn. Kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ìwé owó ẹgbẹ́ wò ní ọdọọdún béèrè fún iye yìí, kí wọ́n sì kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ní ìpàdé, ṣáájú oṣù Kẹwàá tí ìkórè ńlá máa ń bẹ̀rẹ̀.