Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Ọmọ Tí Etí Ẹ̀ Ò Gbọ́ Dáadáa Nínú Eré Bojúbojú

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ìgbà táwọn àgbà bá fẹ́ kéèyàn wá jókòó síwájú àwọn kó tó sọ tẹnu ẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń pa òwe yìí. Èmi ò tíì rí ẹni tó bá mu tó ọmọ tí etí ẹ̀ ò gbọ́ dáadáa, torí ojú ẹ̀ ló fi ń mú ọ̀pọ̀ nínú ohun tá à ń sọ, ẹnu wa, ọwọ́ wa, ibi tá a kọjú sí, àwa la máa wà lẹ́yìn ẹ̀ tá a máa pariwo, tá a tún máa ní kì í gbọ́ràn.

Tó bá di eré, ohun tọ́pọ̀ èèyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n á ní kó lọ máa ṣọ́ bàtà, tàbí kó máa mú bọ́ọ̀lù tó bá jáde wá. Ìyẹn kì í ṣe eré o, iṣẹ́ nìyẹn. Eré fúnra ẹ̀ ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò: ibo ni etí ti ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀? Ó sábà máa ń jẹ́ ibi mẹ́ta, ìgbà tí eré bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó yí padà, àti ìgbà tó parí. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti fi ohun tójú rí tàbí tára mọ̀ kún ariwo.

Ẹ jẹ́ ká mú bojúbojú. Ẹnì kan á bo ojú ẹni tó máa wá àwọn yòókù, á máa lé orin, “Bojúbojú o! Olóró ń bọ̀! Ẹ para mọ́! Ṣé kí n ṣí i?” títí wọ́n á fi dáhùn pé ṣí i, ṣí i, ṣí i. Ká ní ọmọ ọdún 8 tí kò gbọ́ dáadáa ni wọ́n bo lójú. Etí ò ràn án lọ́wọ́, ojú náà ti wà lábẹ́ ọwọ́, kò mọ̀ bóyá wọ́n ti sá tán. Kí ẹni tó bò ó lójú máa fọwọ́ kejì gbá a léjìká bó ṣe ń lé orin náà, gbígbá kan fún ìlà orin kan, tó bá wá di ìgbà tó yẹ kó ṣí i, kó gbá a lẹ́ẹ̀mẹta kíákíá. Tó bá jẹ́ òun ló sá pamọ́ ńkọ́? Ìparí eré ló máa ń ṣe é ní jàǹbá, wọ́n á ti pe gbogbo èèyàn jáde, òun á ṣì wà lẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù, nígbà tó bá fi máa yọjú wọ́n ti ń ṣe eré mìíràn. Torí náà kí ẹnì kan máa fì aṣọ pupa, kó rìn yí ọgbà ká, kó má kàn dúró sójú kan. Kí àdéhùn wà pé gbogbo ọmọ ló ń wo aṣọ yẹn o, kì í ṣe òun nìkan, torí tó bá ti di tiẹ̀ nìkan wọ́n á gbàgbé ẹ̀ láàárín eré. Nínú bọ́ọ̀lù àwọn adití náà, rẹfirí máa ń lo àsíá.

Kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó ń ṣàlàyé, kó má kẹ̀yìn sóòrùn, torí òkùnkùn lọmọ á rí níbi tó yẹ kó ti rí ẹnu. Ẹ ṣe eré náà lẹ́ẹ̀kan lójú ẹ̀. Ẹ má sì bi í pé “ṣé ó yé ẹ?” torí á mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo wọn ló ń mi orí, ẹ ní kó ṣe é kẹ́ ẹ rí i. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé kò yé e ni pé á kọ́kọ́ wo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kó tó sáré, ìgbà gbogbo lá máa ṣe kejì. Ìjà sì máa ń bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n bá yí òfin padà láàárín eré láìsọ fún un, á bèèrè, wọ́n á ní “fi sílẹ̀, kò sí nǹkan.” Nǹkan wà ńbẹ̀ o, ẹ dúró kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún un.

Tó bá ń lo ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, ẹ má gbójú lé e jù. Ó máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa tẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ bá wà nítòsí, bíi mítà 1 sí 2, àmọ́ láàárín ogún ọmọ tó ń pariwo, ariwo wọn náà ló ń gbé sókè. Ẹni tó sì jẹ́ pé etí kan ló fi ń gbọ́, ó lè gbọ́ orúkọ ẹ̀ kó má mọ ibi tó ti wá, ẹ juwọ́ sí i tẹ́ ẹ bá ń pè é. Òógùn máa ń ba ẹ̀rọ yẹn jẹ́, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún lẹ́yìn eré, tó bá sì jẹ́ eré omi, ẹ jẹ́ kó bọ́ ọ sílẹ̀ pátápátá, kẹ́ ẹ wá fún un ní aṣọ pupa yẹn kóun náà fi pè yín.