Iṣẹ́ ìtumọ̀ tó wà n'Ìbàdàn tí ọ̀pọ̀ ò rí

Ẹ̀yin tí Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì dá lẹ́nu yín n'Ìbàdàn, kí ló dé tí ẹ̀yin onítumọ̀ kì í wo ibòmíì ju ọ̀dọ̀ àwọn onífíìmù lọ? Èrò tèmi ni pé kí ẹ yíjú sí UCH àti Yunifásítì Ìbàdàn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣèwádìí ìlera ní Bẹẹrẹ tàbí Ọjà'ba kò lè máa ka Gẹ̀ẹ́sì sí màmá tí kò lọ ilé ìwé létí. Ó nílò ìwé ìbéèrè àti fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda ní Yorùbá.

Iṣẹ́ ẹni méjì ni. Ẹnì kan á tú u sí Yorùbá. Ẹnì kejì, tí kò rí Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ rárá, á tú Yorùbá náà padà sí Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ wá gbé Gẹ̀ẹ́sì méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Má dá méjèèjì ṣe o! Ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ lo máa tú padà, kì í ṣe ohun tó wà nínú ìwé.

Ẹ jẹ́ ká ní ìbéèrè kan fẹ́ mọ̀ bóyá ó máa ń rẹ èèyàn. Onítumọ̀ kọ ọ́ pé, "Ṣé àárẹ̀ máa ń mú yín?" Ẹnì kejì tú u padà sí àìsàn, torí àárẹ̀ ń jẹ́ méjèèjì. Àṣìṣe yọjú nìyẹn. "Ṣé ó máa ń rẹ̀ yín?" ló yẹ.

Àmọ́ àṣìṣe kan wà tí títú padà kò lè mú. Ẹ wo èyí: "Ṣé ẹ kì í lo oògùn yín lójoojúmọ́?" Yóò padà sí Gẹ̀ẹ́sì láìlábùkù. Ṣùgbọ́n bí bàbá bá dáhùn pé "Bẹ́ẹ̀ ni," ohun tó ń sọ ni pé òun kì í lò ó. Ẹlòmíì náà kì í lò ó, ó sì ní "Rárá, mi ò kí ń lò ó." Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ, àmọ́ àpótí ìdáhùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa sàmì sí nínú ìwé. Ẹ yọ "kì í" kúrò: "Ṣé ojoojúmọ́ lẹ máa ń lo oògùn yín?" Kódà "oògùn" fúnra rẹ̀, ẹlòmíì á ka àgbo mọ́ ọn. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹ ka ìwé náà fún àgbàlagbà bíi márùn-ún kó tó jáde, kí kálukú fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ìbéèrè ń béèrè.

Iye ọ̀rọ̀ tó wà nínú Gẹ̀ẹ́sì ni kí ẹ fi dá owó, torí ẹ̀yin àti oníbàárà lè ka iye rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá fi ti Yorùbá ṣe é, oníbàárà á ní ẹ ń fa ọ̀rọ̀ gùn. Owó títú padà dá wà lọ́tọ̀, ti kíkà fún àgbà náà dá wà lọ́tọ̀. Ẹ gba ìdajì ṣáájú. Kí ẹ sì sọ iye ìgbà tí ẹ máa ṣàtúnṣe lọ́fẹ̀ẹ́, torí ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwádìí wò lè dá a padà.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá fi ránṣẹ́, ẹ fi PDF ti Word lẹ́yìn. Àmì orí lè fò lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíì, kí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbà lápá màmá wá di ẹ̀jẹ́.