Fífi kún g nìkan kọ́ ló ń fi kún iye ilé-iṣẹ́

Ọ̀pọ̀ àwa tí à ń ṣírò iye ilé-iṣẹ́ ló gbà pé bí g, ìyẹn bí owó ilé-iṣẹ́ yóò ṣe máa dàgbà lọ́dọọdún, bá ti ròkè, iye ilé-iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ ròkè tẹ̀lé e. Ó ti mọ́ wa lára débi pé, bí iye tí a rí kò bá tẹ́ ọ̀gá lọ́rùn, sẹ́ẹ̀lì g ni a kọ́kọ́ ń sáré lọ. Èrò yìí kò tọ́, ó sì ti mú kí àwọn èèyàn ra òwò ní iye tí òwò náà kò lè pa wọlé láé.

FCFF ni owó tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ lẹ́yìn tó ti san owó-orí, tó sì ti yọ owó ẹ̀rọ, owó ilé àti owó ọjà tí yóò kó pamọ́ sọ́tọ̀. Owó yìí jẹ́ ti àwọn tó yá ilé-iṣẹ́ lówó àti àwọn tó ni ín, kí wọ́n tó pín in láàárín ara wọn. A máa ń fojú bù ú lọ́dọọdún fún bí ọdún márùn-ún, lẹ́yìn náà a ó fi iye kan ṣoṣo dúró fún gbogbo ọdún tó kù títí láé. Iye ìparí nìyẹn, bí a sì ṣe ń kọ ọ́ nìyí:

```
TV = FCFF6 / (WACC - g)
```

FCFF6 ni FCFF ọdún kẹfà. WACC ni èrè tí àwọn tó kó owó sílẹ̀ ń retí lọ́dún kan, àti ẹni tó yá ilé-iṣẹ́ lówó àti onípìn-ín, bí owó oníkálùkù bá ṣe pọ̀ sí. g ni bí owó náà yóò ṣe máa dàgbà lọ́dọọdún. g wà nísàlẹ̀, a sì ń yọ ọ́ kúrò lára WACC, nítorí náà bí ó bá ṣe ń tóbi, bẹ́ẹ̀ ni ìdáhùn ń tóbi. Ibi tí ojú wa mọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n g tún wà lókè, ó fara pamọ́ sínú FCFF fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe wà níbẹ̀. Ká ní èrè iṣẹ́ lẹ́yìn owó-orí, èyí tí à ń kọ sí NOPAT, jẹ́ mílíọ̀nù 100 ní ọdún kẹfà, tí a sì fẹ́ kó fi 3% lé sí i ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Èrè tuntun ti mílíọ̀nù 3 là ń wá yẹn. Bí owó tuntun tí a bá fi sínú òwò náà bá ń mú 12% wá lọ́dún, mílíọ̀nù 25 la gbọ́dọ̀ fi síbẹ̀ kí mílíọ̀nù 3 tó lè jáde. Nínú 100 náà, 75 péré ló kù tí a lè pè ní FCFF. Bí ẹ bá wá sọ pé 5% lẹ fẹ́, mílíọ̀nù 5 ni èrè tuntun, owó tí ẹ ó sì fi síbẹ̀ á di bíi mílíọ̀nù 41.7. FCFF á wálẹ̀ sí 58.3.

Àbúrò kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ gbé irú ìṣirò yìí wá bá mi lọ́jọ́ kan. (Mo ti yí àwọn nọ́ńbà rẹ̀ sí èyí tó rọrùn.) WACC rẹ̀ jẹ́ 12%, g jẹ́ 3%, FCFF sì jẹ́ 75. Ó pín 75 sí 0.09, ó rí mílíọ̀nù 833. Àwọn tó fẹ́ ta ilé-iṣẹ́ náà ní kó lo 5%. Ó tẹ 5% wọlé, 75 wà níbi tó wà, ìdáhùn fò sókè sí 1,071.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn ṣe fún ẹni tó fẹ́ ra ìpín. Nígbà tí a dá iye ìparí méjèèjì padà sí owó òní láti òpin ọdún karùn-ún, 833 di 473, 1,071 sì di 608. FCFF ọdún márùn-ún àkọ́kọ́ fi 250 kún un, gbèsè tó wà nílẹ̀ sì yọ 400 kúrò. Ìpín àwọn onílé-iṣẹ́ ti kúrò ní 323, ó ti di 458, èyí tó ju ìdá méjì nínú márùn-ún lọ lórí tàtijọ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ta ọjà kan kún un.

Mo bi í pé, "Èló lo fi síbẹ̀ kó tó máa dàgbà báyìí?"

"Ẹ̀gbọ́n, mo kàn yí sẹ́ẹ̀lì kan ni."

A jókòó ti ìlà náà, a sì kọ ọ́ lọ́nà tí g yóò fi hàn lókè àti nísàlẹ̀:

```
TV = NOPAT6 * (1 - g/RONIC) / (WACC - g)
```

RONIC ni èrè tí owó tuntun ń mú wá, 12% nínú ọ̀rọ̀ tiwa. Ó tẹ 3% wọlé, 833. Ó tẹ 5%, 833. Ó tẹ òdo, 833 náà ni. Bí owó tuntun bá ń mú iye kan náà tí àwọn olówó ń retí wá, ohun tí ìdàgbà fi ọwọ́ kan fúnni, ó fi èkejì gbà á padà. Nígbà tó sọ RONIC di 10%, iye náà jẹ́ 778 ní 3%, ó sì já sí 714 ní 5%. Ilé-iṣẹ́ ń dàgbà, iye rẹ̀ ń dínkù! Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí òwò tó ń ṣí ẹ̀ka tuntun kiri láìrí èrè gidi nínú wọn nìyẹn.

1,071 yẹn wá ńkọ́? Èyí gan-an ló yẹ kó dúró lọ́kàn ẹni tó ń ka ìṣirò. Bí a bá fi 25 nínú 100 síbẹ̀, tí èrè sì dàgbà ní 5%, a jẹ́ pé owó tuntun náà ń mú 20% wá. Ẹ fi 20% sí ibi RONIC, 1,071 ni ẹ ó rí géérégé. Àbúrò mi rò pé g nìkan lòun yí. Ohun tó sọ láìmọ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ náà yóò máa jẹ 20% lórí owó tuntun títí láé, nígbà tí àwọn olówó ń retí 12%. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún òwò tí orúkọ rẹ̀ tàbí àṣẹ ìjọba dáàbò bò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ lè sọ ohun tí kò ní jẹ́ kí àwọn mìíràn wọlé wá bá a du èrè náà.

Bí ẹ bá fẹ́ yẹ ìṣirò ẹlòmíràn wò, ẹ lọ sí ọdún tó gbẹ̀yìn. Ẹ mú owó tí wọ́n fi ra ẹ̀rọ, ẹ yọ owó ogbó ẹ̀rọ kúrò, ẹ fi àfikún owó tó ń yí nínú òwò kún un, kí ẹ sì wo ìdá tó jẹ́ nínú NOPAT. Ẹ wá pín g sí ìdá náà, RONIC tí wọ́n ń lò ni yóò jáde. Mo ti rí èyí tó jẹ́ 60%. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n sọ pé owó ẹ̀rọ àti owó ogbó ẹ̀rọ dọ́gba, "torí pé òwò ti fìdí múlẹ̀", síbẹ̀ kí g jẹ́ 4%. Ìdàgbà ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń pè yẹn.

Àwọn kan á ní ọ̀wọ́n gógó ọjà lásán ni g àwọn, pé kò nílò owó tuntun. Ẹ mú ẹ̀rọ kan tí a ra ní 100, tí yóò lo ọdún 10. Ìwé ń yọ 10 kúrò lára rẹ̀ lọ́dọọdún. Bí iye ọjà bá ń fi 5% lé lọ́dún, nígbà tí ẹ̀rọ náà bá kú, 163 la ó fi ra irú rẹ̀, 100 péré sì ni ìwé ti yọ sílẹ̀. 63 tó kù, inú FCFF ni yóò ti jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ kan náà la ní, tí ọjà tó ń ṣe kò lé ẹyọ kan.