Ẹ má kúrò ní pápákọ̀ òfuurufú láìgba ìwé

Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ tó ń fi kẹ̀kẹ́ arọ rìn bíi tèmi, ọ̀rọ̀ yìí ń ká mi lára.

Láti Páríìsì ni mo ti ń bọ̀ wá sí Kútọnu. Kẹ̀kẹ́ mi jẹ́ oníbátìrì, ó sì ṣeé ká. 24V àti 10Ah ni wọ́n kọ sára bátìrì náà. Bí ẹ bá fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀, 240Wh ni. Irú bátìrì lítíọ́ọ̀mù tí a lè yọ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 300Wh lọ, ọ̀dọ̀ èrò fúnra rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀. Bó bá gbiná láàárín ẹrù nísàlẹ̀, ta ni yóò tètè rí i? Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà ọkọ̀, mo yọ bátìrì náà kúrò lára kẹ̀kẹ́, mo fi téèpù bo ojú irin rẹ̀. Kí n tó yọ ọ́, àbúrò mi ti fi fóònù ya kẹ̀kẹ́ náà níbi tó ti ń lọ síwá sẹ́yìn.

Àwa tí a kò lè dìde rárá, WCHC ni kí wọ́n kọ sí tíkẹ́ẹ̀tì wa, kí wọ́n lè fi àga tóóró gbé wa dé ìjókòó. Ẹni tó ṣì lè gun àtẹ̀gùn ni WCHR wà fún.

Nígbà tí wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ mi wá ní Kútọnu, ọwọ́ ìdarí rẹ̀ ti dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, wáyà pupa kan yọ síta. Mo ti bátìrì bọ̀ ọ́, kò mira. Òṣìṣẹ́ kan níbẹ̀ sọ fún mi pé:

“Tàntí, bóyá bátìrì ló ti kú. Ẹ máa lọ sílé, ẹ padà wá lọ́la.”

Bátìrì kò kúrò lọ́dọ̀ mi láti Páríìsì, iná rẹ̀ sì ń tàn. Mo fi fídíò hàn wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi tó wá gbé mi ti ń kánjú, ṣùgbọ́n mo ní n kò ní kúrò níbẹ̀ àfi tí wọ́n bá kọ PIR, ìwé tó ń jẹ́rìí pé ẹrù bàjẹ́. Lọ́jọ́ kejì mo kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà, torí ọjọ́ 7 péré ni Àdéhùn Montreal ọdún 1999, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí ìrìnàjò òfuurufú, fún ẹni tí ẹrù rẹ̀ bàjẹ́ láti fi kọ̀wé.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé àdéhùn yẹn ka ẹsẹ̀ mi sí àpò aṣọ. 1,519 DTS, owó ìṣirò àjọ IMF, ni òpin owó tí wọ́n lè san fún èrò kan. Ó lé ní mílíọ̀nù kan sẹ́fà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ oníbátìrì ló wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹni tí tirẹ̀ bá wọ́n, kó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n lè gba owó díẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n òpin yẹn kò ní dè é mọ́. N kò mọ̀ lọ́jọ́ náà, n kò kọ ọ́.