Èsì wa sí oníbàárà tó pè wá ní ojo

Ìràwọ̀ kan. "Wọ́n gba owó àyẹ̀wò, ògiri kékeré kan ni wọ́n wó. Èyí tí mo torí ẹ̀ pè wọ́n gan-an, wọn ò fọwọ́ kàn án. Bíríkìlà àdúgbò ní iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Ojo ni wọ́n."

Ẹ ṣeun, ọ̀gá wa. A ti rí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ níbí là ń sọ. Alámọ̀ ni, sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi rẹ́ ẹ lára, pákó sì ni ilẹ̀ òkè. Ọ̀gá bíríkìlà wa àti ọmọ iṣẹ́ méjì débẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Kejì. Ọ̀gá tí wọ́n ń pè ní ojo yìí, ilé alámọ̀ ni wọ́n bí i sí.

Èyí tí a wó, kì í ṣe torí pé ó kéré. Búlọ́ọ̀kù ínṣì 5 ni, ẹ̀yìn tí ilé ti parí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ọ́n. A ha sìmẹ́ǹtì ibi tó ti pàdé ògiri àtijọ́, a rí i pé wọn ò so wọ́n pọ̀, ó là gbọọrọ láti ilẹ̀ dókè. A ṣí sílìn, abẹ ayùn kọjá láàárín orí ògiri náà àti igi àjà, kò kan nǹkan kan. Igi tí ò gbé orí lé ògiri, ògiri yẹn ò ru ú.

Èyí tí ẹ ń bínú sí, tó wà láàárín pálọ̀ àti yàrá, nípọn tó ínṣì 15. Kì í ṣe nínípọn rẹ̀ ló dá wa dúró o, ògiri tín-ínrín pàápàá lè ru ẹrù. Òkè sílìn lọ̀rọ̀ wà. Igi àjà pálọ̀ parí sórí ẹ̀, ti yàrá náà parí síbẹ̀. A tún gòkè, a bá ògiri mìíràn lórí ẹ̀ gan-an, òun ló gbé òpó òrùlé. Ẹ wó tìsàlẹ̀, kí ni yóò gbé tòkè?

A ò ní kò ṣeé wó. Ohun tó wà nínú ìwé tí a fún yín ni pé kí ẹnjiníà wá ṣírò ẹrù náà, kí wọ́n fi òpó ti igi àjà lọ́tùn-ún lósì kí wọ́n tó fọwọ́ kan ògiri, kí bíìmù wá rọ́pò rẹ̀. Orí bíìmù ọ̀hún ò sì gbọdọ̀ jókòó sórí amọ̀. Amọ̀ a máa ru ẹrù tó bá tàn ká gígùn rẹ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá kó gbogbo ẹ̀ jọ sójú kan, yóò fọ́. Òpó kọnkéré tó ní ìpìlẹ̀ tirẹ̀ ni yóò gbà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kọnkéré kì í sì í le tán lọ́jọ́ kan. Tí wọ́n bá wó ògiri náà láìṣe gbogbo èyí, òkè lè má ya lulẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ilẹ̀kùn òkè lẹ ó kọ́kọ́ rí tó ń há, ògiri á wá máa là ní dídàgẹ̀rẹ̀ láti igun fèrèsé.

Owó àyẹ̀wò yín, ẹ wá gbà á, gbogbo ẹ̀. Ìwé yẹn náà, ẹ mú un dání, a ò gbà á lọ́wọ́ yín. Kẹ́ ẹ sì bá wa sọ fún bíríkìlà ọlọ́jọ́ kan yẹn pé, alẹ́ ọjọ́ tó bá wó o tán, kó tẹ́ ẹní sí pálọ̀, kó sùn síbẹ̀.